Wèrè, Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ àti Ogun: Ohun tí Dádá Ń Fi Ṣẹ̀sín

Láti Ìyànà Ìbà, ọkọ̀ kò ní í pẹ́ rárá kó tó dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Òjó, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í pẹ́ kó tó dé bárékè àwọn ọmọ ogun tó wà ní Òjó kan náà. Dánfó kan ló ń kó akẹ́kọ̀ọ́ àti sójà. Èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí a ti gbà pé ìwé lọ́tọ̀, ìbọn lọ́tọ̀: a ní ẹni tó kàwé ni yóò bá ẹni tó gbé ìbọn sọ̀rọ̀ tí yóò fi rọlẹ̀, a sì ní orin, ewì àti àwòrán tó rẹwà ni oògùn ìwà ìkà. Ìgbàgbọ́ yìí gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ kan dìde sí ní ilẹ̀ Yúróòpù ní 1916. Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní ìwé ló ṣí ọ̀nà fún ìbọn, ewì ló ń lu ìlù fún un, ìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló sì ń kó ọta sí i. Wọ́n pe ara wọn ní Dádá, èyí tí kò bá ọmọ tí a bí pẹ̀lú irun dídì tan rárá. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ọ̀nà tí wọ́n gbà fi iṣẹ́ ọnà ṣẹ̀sín àti ìdí tí ẹ̀sín náà fi jẹ́ ẹ̀rí tí wọ́n ń jẹ́ ta ko ogun. Mo fẹ́ fi hàn pẹ̀lú pé nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní Nàìjíríà, òǹkọ̀wé ọmọ Yorùbá kan dé ìdí kókó kan náà láti ọ̀nà tirẹ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn ọlọ́gbọ́n, torí bí a kò bá mọ ẹ̀sùn náà, ìwà wèrè lásán ni gbogbo ìyókù yóò jọ. Ní oṣù kẹjọ 1914, àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Bẹ́ljíọ̀mù. Nígbà tí wọ́n dé ìlú Leuven, wọ́n dáná sun ilé ìkàwé yunifásítì ibẹ̀, ìwé tó lé ní 200,000 sì jóná. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn ènìyàn 93 tí wọ́n jẹ́ ìràwọ̀ ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọnà ní Jámánì fọwọ́ sí ìkéde kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun wọn kò hùwà ìkà ní Leuven, wọ́n sì ní láìsí agbára ológun Jámánì, àṣà àti ọ̀làjú Jámánì ì bá ti parẹ́. Gerhart Hauptmann, òǹkọ̀wé eré tó ti gba ẹ̀bùn Nobel, wà lára wọn. Max Reinhardt tó jẹ́ olùdarí eré orí ìtàgé wà níbẹ̀, Fritz Haber tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́míkà náà sì wà níbẹ̀. Haber kò dúró sórí ìfọwọ́sí. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin 1915, ó wà lójú ogun ní Ypres, tó ń bójú tó bí wọ́n ṣe tú afẹ́fẹ́ kílóríìnì tó lé ní tọ́ọ̀nù 150 sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbé e wọ inú yàrà àwọn ọmọ ogun Faransé. Lára àwọn tó gba afẹ́fẹ́ náà sí àyà ni àwọn ọmọ Áfíríkà tí Faransé kó wá láti Àlìjéríà. Lẹ́yìn ogun, wọ́n fún Haber náà ní ẹ̀bùn Nobel, lórí iṣẹ́ mìíràn tó ti ṣe ṣáájú.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe òpè ló ṣe èyí, kì í sì í ṣe ọmọ ìta. Àwọn tó mọ ìlò èdè, tó mọ orin, tó mọ bí a ṣe ń fi ṣíbí bu ọbẹ̀ níwájú àlejò ni. Bí ẹ bá jẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n ti fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ pé àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kó fara wé, ọ̀nà wo ni ẹ óò gbà kọ ogun náà? Bí ẹ bá kọ ewì tó dùn lòdì sí i, irinṣẹ́ wọn ni ẹ fi ń ṣiṣẹ́, torí àwọn náà ń kọ ewì dídùn tó ń pe àwọn ọmọkùnrin lọ sí ibojì. Ìdáhùn Dádá ni pé irinṣẹ́ náà gan-an ni kí a fọ́.

Hugo Ball ló kọ́kọ́ ṣí ilé fún un. Iṣẹ́ eré orí ìtàgé ló ń ṣe ní Munich. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, òun náà fẹ́ wọṣẹ́ ológun. Wọ́n dá a padà nítorí àìlera. Ó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wo ojú ogun ní Bẹ́ljíọ̀mù, ohun tó rí sì lé e kúrò ní Jámánì. Òun àti akọrin kan, Emmy Hennings, sá lọ sí Zurich ní Siwisálándì, níbi tí ogun kò dé. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì 1916, wọ́n ṣí ilé eré kan tí wọ́n pè ní Cabaret Voltaire nínú ilé ọtí kan ní òpópónà Spiegelgasse. Ọjọ́ kẹrìndínlógún lẹ́yìn rẹ̀ ni ogun Verdun bẹ̀rẹ̀ ní Faransé, èyí tó gba oṣù mẹ́wàá, tí nǹkan bí 300,000 ènìyàn sì kú nínú rẹ̀ láàárín ìhà méjèèjì. Gbogbo ariwo tí wọ́n ń pa nínú ilé ọtí yẹn, ẹ jẹ́ ká máa rántí ariwo kejì yìí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ṣe ní òpin oṣù kẹta ọdún náà fi ọgbọ́n iṣẹ́ wọn hàn dáadáa. Àwọn mẹ́ta dúró lórí pèpéle: Richard Huelsenbeck tó jẹ́ ọmọ Jámánì, Tristan Tzara àti Marcel Janco tí wọ́n wá láti Ròmáníà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké ewì kan lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ní èdè Jámánì, ọ̀kan ní Faransé, ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń fọn fèrè, wọ́n ń lu ìlù, wọ́n ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀gágun orí omi kan tó ń wá ilé tí yóò háyà ni ewì náà dá lé. Kò sí ẹni tó lè gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ń sọ, àfi ní ìparí, tí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lórí gbólóhùn kan péré: ọ̀gágun náà kò rí ilé kankan. Èdè mẹ́ta tí wọ́n lò yìí, èdè àwọn orílẹ̀-èdè tó ń para wọn lọ́wọ́ ni. Olúkúlùkù wọn ló ní ìwé ìròyìn tirẹ̀, oníwàásù tirẹ̀ àti akéwì tirẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ẹni tó ń gbọ́. Ohun tí àwọn ará Zurich tó wá mu bíà pè ní ariwo aláìlẹ́kọ̀ọ́, ìròyìn ogun ni, tí a ti yọ ẹ̀tàn inú rẹ̀ kúrò.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, Ball gbé e kọjá ibẹ̀. Wọ́n fi páálí dídán kọ́ aṣọ fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú òpó páálí aláwọ̀ búlúù, fìlà gíga wà lórí rẹ̀, débi pé kò lè rìn. Gbígbé ni wọ́n gbé e dé orí pèpéle. Ewì tó ké kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú tí ó jẹ́ ti èdè kan láyé, ìró lásán ni. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn oníwèé ìròyìn ti ba èdè jẹ́, òun kò fẹ́ lo ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti fi parọ́.

Ọ̀nà tí ó yé ènìyàn jù lọ nínú ọgbọ́n wọn ni èyí tí Tzara kọ sílẹ̀ ní 1920, bí ìgbà tí èèyàn ń júwe bí a ṣe ń se oúnjẹ. Mú ìwé ìròyìn, mú sísọ́ọ̀sì. Yan ìròyìn tó gùn tó ewì tí o fẹ́ kọ. Gé e jáde, gé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó wọn sínú àpò, mì í jẹ́jẹ́. Máa fà wọ́n yọ lẹ́yọ lẹ́yọ, kí o sì dà wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń jáde láìfi kún un, láìyọ kúrò. Ó ní ewì náà yóò jọ ọ́. Ká fi dán ohun kan wò. Ẹ jẹ́ ká ní iléeṣẹ́ ológun kan gbé ìkéde jáde pé: “Àwọn akọni wa fi ìgboyà gba òkè kan lọ́wọ́ ọ̀tá láàárọ̀ àná, òfò wa kò tó nǹkan.” Gbólóhùn yìí dán, ó tò, kò sí àṣìṣe nínú gírámà rẹ̀. Bí a bá gé e, tí a mì í, nǹkan bí èyí lè kọ́kọ́ jáde kí àpò tó ṣófo: “Òfò akọni wa tó òkè kan, ọ̀tá kò gba nǹkan.” Èmi ni mo yan èyí, n kò ní tan yín jẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá fa ọ̀rọ̀ yọ, wúruwùru ló máa ń jáde. Ṣùgbọ́n wúruwùru náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Inú títò àti dídán gbólóhùn àkọ́kọ́ ni òkú àwọn ọmọ ọlọ́mọ sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá gé e ti fi hàn pé ẹ̀wà èdè ni aṣọ tí wọ́n fi bo òkú náà.

Ẹni tí kò gba tiwọn yóò ní ọmọ ọdún mẹ́ta lè ṣe gbogbo èyí, pé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ló ń bú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi orúkọ Dádá bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀ láti ìgbà náà. Síbẹ̀, àwọn tó dá a sílẹ̀ kì í ṣe aláìmọ̀ṣẹ́. Ball ti ṣiṣẹ́ ní tíátà ńlá, Janco ń kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé, Hans Arp mọ̀ ọ́n yà, ó sì mọ̀ ọ́n gbẹ́. Ewì ohùn mẹ́ta yẹn gba ìfidánrawò, nítorí ohùn mẹ́ta kò lè ṣèèṣì pàdé lórí gbólóhùn kan. Bí a ṣe ń mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú ni pé kí a béèrè ohun tí wọ́n fọ́. Nínú ojúlówó, a máa ń rí nǹkan kan pàtó tó ní ọlá láwùjọ tí ẹ̀sín náà ń lé: ìkéde ìjọba, orin ìsìn, ipò ọ̀gágun, fọ́ọ̀mù. Àwọn ọ̀rẹ́ Arp máa ń sọ pé nígbà tí wọ́n pè é ní iléeṣẹ́ aṣojú Jámánì ní Zurich kí wọ́n lè mú un wọṣẹ́ ológun, ó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí ojú ìlà àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù, ó tún un kọ sí gbogbo ìlà tó kù, ó fa ìlà sábẹ́ wọn, ó wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ìṣirò. Wọ́n ní orí rẹ̀ dàrú, wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Ìṣirò tó péye ni wèrè náà ṣe, lórí ìwé tí wọ́n fi ń ka ènìyàn bí ọta ìbọn.

Àtakò kan wà tó le jù yẹn lọ, àwa ni ó sì yẹ ká gbé e dìde. Àwọn tó ń fi àṣà àwọn ọlọ́lá Yúróòpù ṣẹ̀sín yìí, wọ́n kó àṣà wa pọ̀ mọ́ irinṣẹ́ ẹ̀sín wọn. Huelsenbeck máa ń ké ewì tó pè ní ti àwọn aláwọ̀ dúdú, tó hun ìró jọ fúnra rẹ̀, tó sì ń fi “umba, umba” parí rẹ̀. Jan Ephraim, àgbà awakọ̀ òkun tó ni ilé ọtí náà, tó ti rìn dé Áfíríkà rí, sọ fún un pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọrin báyẹn, ó sì fún un ní orin mìíràn tó ní òun gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ni ín. Huelsenbeck gbà á, ó kà á, ṣùgbọ́n ó ṣáà fi “umba” tirẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Janco fi páálí àti àkísà ṣe ìbòjú tí wọ́n ń fi jó, tí wọ́n rò pé ó jọ ti ilẹ̀ wa. Ohun tí wọ́n ń wá lọ́dọ̀ wa ni ohun tí kò ní ọgbọ́n nínú, tí wọn ó fi bú ọgbọ́n. Ẹni tó bá mọ iye ọdún tí ọmọ agbẹ́gilére fi ń kọ́ṣẹ́ kó tó lè gbẹ́ ojú ère kan mọ̀ pé ibi àìlọ́gbọ́n kọ́ ni wọ́n na ọwọ́ sí. Ní oṣù kẹwàá 1916 náà, àwọn ọmọ ogun tí Faransé kó jọ láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, tí gbogbo wọn ń jẹ́ ará Sẹ̀nẹ̀gà lẹ́nu Faransé bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi púpọ̀ ni wọ́n ti wá, wà lára àwọn tó gba odi Douaumont padà ní Verdun. Nínú ilé ọtí tí wọ́n ti ń bú ogun yẹn, kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ń kọ lórin gan-an. Àbùkù gidi ni. Kò sọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn ọlọ́gbọ́n di irọ́, àmọ́ ó fi hàn pé àwọn olùfisùn náà ṣì ní nínú ìgbéraga àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Nígbà tí Dádá dé Berlin, ẹ̀sín náà kúrò ní ti ìró, ó di ti ara ènìyàn, nítorí ogun ti padà wálé. Ní òpin oṣù kẹfà 1920, wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá kan. John Heartfield àti Rudolf Schlichter gbé ère sójà kan kọ́ sí òkè àjà, aṣọ ọ̀gá ológun ló wọ̀, orí ẹlẹ́dẹ̀ ló ní. Otto Dix gbé àwòrán kan síbẹ̀, tí ó ya àwọn ológun mẹ́rin tó ti ogun dé: ọ̀kan ní ẹsẹ̀ igi, ọ̀kan wà lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tì, ọ̀kan ń gbọ̀n, egbò sì ti jẹ ojú wọn, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú pópó, ìṣọwọ́rìn ológun ṣì wà lára wọn. Bí wọ́n ṣe yà á burú lójú, ó jọ àwòrán inú ìwé aláwàdà, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n rẹ̀ wà: ẹ̀wà ni ì bá mú kí olówó rà á kó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Àwọn ológun pe ẹjọ́ lórí ìpàtẹ náà. Ní oṣù kẹrin 1921, ilé ẹjọ́ ní kí ayàwòrán George Grosz san owó ìtanràn 300 máàkì, kí Wieland Herzfelde tó tẹ ìwé àwòrán Grosz jáde san 600, nítorí pé wọ́n tàbùkù àwọn ọmọ ogun. Ohun tó dùn mí nínú ẹjọ́ yìí ni pé àwọn olùgbèjà wọn ní eré lásán ni, pé àwàdà ni, kí ilé ẹjọ́ má kà á sí. Òǹkọ̀wé Kurt Tucholsky bínú sí wọn lórí ẹ̀, ó sì jàre. Ẹni tó bá fi ẹ̀sín pe ogun lẹ́jọ́, tó wá dé iwájú adájọ́ tó ní òun kàn ń ṣeré, ó ti fa ẹ̀sùn rẹ̀ ya.

Àwọn aláàbọ̀ ara mẹ́rin náà ni mo fẹ́ tẹ̀ lé dé Ìbàdàn. Ní oṣù kẹjọ 1967, oṣù kan lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, ìjọba ológun ti Wọlé Ṣóyínká mọ́lé, kò sì jáde títí di oṣù kẹwàá 1969. Èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà, òun nìkan ni wọ́n há mọ́. Ogun parí ní oṣù kìíní 1970. Lóṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré rẹ̀ Madmen and Specialists ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣe é ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1971. Orúkọ eré náà ni mo yá fún àkọlé yìí: wèrè àti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Eré náà kò dárúkọ Nàìjíríà, kò dárúkọ Bìáfírà. Bó ṣe ṣí ni pé alágbe mẹ́rin tí ogun ti sọ di aláàbọ̀ ara jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń ta tẹ́tẹ́, ẹ̀yà ara wọn ni wọ́n sì fi ń ta á: ọ̀kan fi ojú rẹ̀ lélẹ̀, ọ̀kan fi apá. N kò sọ pé ọ̀dọ̀ Dix ni Ṣóyínká ti rí wọn. Ogun tó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ohun kan náà sójú pópó nílùú gbogbo, ẹni tó bá sì lójú yóò rí i.

Kókó eré náà ni Dókítà Bero. Oníṣègùn ni kí ó tó lọ sógun. Nígbà tó dé ọ̀hún, ó kúrò nídìí ìwòsàn, ó di ọ̀gá ní ẹ̀ka tó ń fi ìyà fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ènìyàn. Ìmọ̀ kan náà ló ń lò. Ẹni tó mọ ibi tí ìrora ń gbé lára ló mọ bí a ṣe ń mú un lọ, òun náà ló sì mọ bí a ṣe ń pè é. Bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Haber, a ó rí i pé ẹ̀sùn kan náà ni: kì í ṣe òpè ló ń jagun ayé òde òní, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni. Baba Bero náà wà lójú ogun. Wọ́n rán an lọ tu àwọn tó fara pa nínú, kó kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́ kékeré tí ara wọn lè gbé. Ó kọ́ wọn láti ronú dípò ìyẹn. Ó sì ṣe ohun kan tó ju ẹlẹ́dẹ̀ Berlin lọ: ó se ẹran ènìyàn fún àwọn ọ̀gá lórí tábìlì oúnjẹ, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yẹ tí a fi ń gbé oúnjẹ síwájú ẹni ńlá. Àlàyé rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti pinnu láti máa pa, kí wọ́n má fi ẹran ṣòfò mọ́. Ìwà ọ̀làjú orí tábìlì ni ó fi ń ṣẹ̀sín níbí, nítorí lójú rẹ̀ jíjẹ òkú tó ti kú kò burú tó pípa á, bẹ́ẹ̀ pípa á ni wọ́n ń fún ní àmì ẹ̀yẹ.

Ẹ̀sín inú èdè ló wá jọ ti Zurich jù. Baba náà àti àwọn alágbe rẹ̀ dá ẹ̀sìn kan sílẹ̀ tí òrìṣà rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ kékeré kan tí wọ́n já gbà nínú àdúrà ìyìn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì, àdúrà tó ń sọ pé bí nǹkan ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò máa wà títí láé. Àwọn alágbe náà ń fi Yorùbá kọ ọ́ lórin bí ẹgbẹ́ akọrin. Ọ̀rọ̀ tí ìjọ fi ń yin Ọlọ́run di ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé ìdí tí alágbára yóò fi máa jẹ aláìlágbára. Wọ́n ń já ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń to ìró tó jọra lé ara wọn, wọ́n ń ka álífábẹ́ẹ̀tì tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń bí ọ̀rọ̀ ìjọba mìíràn, títí gbólóhùn dídán yóò fi kún ẹnu láìní nǹkan nínú. Ẹ rántí pé ìjọba àpapọ̀ ti pe ogun yẹn ní iṣẹ́ ọlọ́pàá lásán nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, wọ́n ní kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun, wọ́n sì kéde ìlàjà, àtúntò àti àtúnkọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí lẹ́tà kan náà bẹ̀rẹ̀ wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì, kó lè dùn ún gbọ́ létí. Láàárín ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, àìmọye ọmọdé ni ebi ti pa.

Ẹnìkan lè ní kò yẹ ká lọ sí Zurich rárá, pé Yorùbá ti ní ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, ní Yewa àti láàárín Àwórì, pé àwọn alárìnjò ti ń fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́ kí Ball tó dáyé. Òtítọ́ ni. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, wọ́n ṣeré níwájú rẹ̀, òyìnbó tó funfun tí òtútù ń mú sì wà nínú ohun tí wọ́n fi dá a lárayá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Ẹ̀fẹ̀ ń bú ẹni tó rú òfin kí òfin lè dúró: olè, àgbèrè, ìjòyè tó ń jẹ ènìyàn ní ìyà. Iṣẹ́ tí ó mọ̀, orin tó gún, ìbòjú tó rẹwà, àwọn ló fún un láṣẹ láti bú wọn láìsí ẹni tí yóò bi í. Nínú ogun tó bí Dádá, kò sẹ́ni tó rú òfin. Àwọn tó pa ènìyàn, òfin ni wọ́n tẹ̀ lé, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Níbi tí òfin fúnra rẹ̀ bá ti di apànìyàn, ẹ̀fẹ̀ kò rí ibi tí yóò dá arúfin padà sí. Ibẹ̀ ni Ṣóyínká wà. Ó fi ọgbọ́n ìlò ọ̀rọ̀ tí ó jogún fọ́ ọ̀rọ̀, kò sì kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dànù bí Ball ti ṣe. Chinweizu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fẹ̀sùn kàn án nínú ìwé wọn ní 1980 pé ó fi àwòkọ́ àwọn òyìnbó sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú. Mo gbà pé eré yìí le, òṣèré tí kò bá lẹ́nu yóò pa á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó yé tètè ni àwọn ológun ń lò ní 1970, gbogbo ènìyàn ló sì gbọ́ ọ yé.

Ibi tí agbára ẹ̀sín yìí pin sí wà nínú eré náà, Ṣóyínká kò sì fi pamọ́. Ohun tí baba náà fẹ́ ni pé kí àwọn ọ̀gá bì, kí ojú ìwà wọn tì wọ́n. Àwọn kan bì lóòótọ́. Bero kò bì. Ó rí i pé ẹni tó bá ti jẹ ẹran ènìyàn láìmira kò tún ní ohunkóhun tí yóò dá a dúró mọ́, ó sì sọ ọ́ di agbára. Ẹ̀sín tí baba fi bú ogun ni ọmọ fi tún ara rẹ̀ ṣe fún ogun. Nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Dádá náà, àmọ́ tirẹ̀ fúyẹ́: àwo ìtọ̀ tí Marcel Duchamp rà lọ́jà ní New York ní 1917, tó fọwọ́ sí lórúkọ ẹlòmíràn, tó fi ránṣẹ́ sí ìpàtẹ tó ní ẹnikẹ́ni tó bá ti san dọ́là mẹ́fà ni àwọn yóò gbà wọlé, tí wọ́n sì kọ̀, àwọn ẹ̀dà rẹ̀ wà lónìí nínú mùsíọ́ọ̀mù, wọ́n ń ṣọ́ wọn bí ohun mímọ́. Ẹni tí a ń fi ṣẹ̀sín kọ́ bí a ṣe ń gbádùn ẹ̀sín náà. Ti Bero ló léwu, nítorí ìtìjú ni ohun ìjà kan ṣoṣo tí ẹ̀sín ní, ó sì gbọ́dọ̀ bá ẹni tó ṣì ń tijú. Ní Berlin ní 1921, ojú ń ti àwọn ọ̀gá ológun tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lọ sí kóòtù nítorí orí ẹlẹ́dẹ̀ kan. Bero kò lọ sí kóòtù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ kò tán, ìbọn ló fi dá a lóhùn.